Owó mi kò sọnù ní bánkì, ṣùgbọ́n kò kan òrùlé mọ́

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ti ń wálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nídìí ìwé ìròyìn ní Òkèṣà, mo gbọ́ tí bàbá kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí kálukú jẹ́ kí owó òun sinmi sí bánkì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, nítorí èmi náà ti jẹ́ kí owó sinmi sí bánkì rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, mo yọ mílíọ̀nù kan náírà sọ́tọ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi láti fi kan òrùlé ilé tí mo ń kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Káfíńtà ti kọ gbogbo ohun tí a máa rà sórí ìwé kan fún mi: páànù, igi, ìṣó, pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦985,000. Ògiri kò tíì dé ibi tí a ti lè kanlé, ni mo bá ká ìwé náà sáàárín pásíbúùkù mi, mo sì kó owó náà sínú àkáǹtì ìfowópamọ́.

Ọdún mẹ́ta ni ògiri gbà kó tó parí. Ní oṣù Kejìlá 2024, mo gba bánkì lọ, mo bá ₦1,118,000 àti díẹ̀ nínú àkáǹtì. Inú mi dùn, mo ní èlé ti gorí owó. Mo mú ìwé àtijọ́ náà fún káfíńtà. Kò fi igi kan kún un, kò yọ ìṣó kan kúrò. Ó kàn ń kọ iye tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe dúró tì í. Nígbà tó ro ó pọ̀, ó jẹ́ ₦2,240,000.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù páànù méjì ní Ajílósùn, iye tí wọ́n dá fún mi kò yàtọ̀. Mo wá padà sílé, mo fi ìṣirò tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ń gbé jáde wò ó. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, ọjà fi ìdá 21.34 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i láàárín oṣù Kejìlá 2021 sí oṣù Kejìlá 2022. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó jẹ́ 28.92. Lọ́dún kẹta, ó jẹ́ 34.80.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣi í ṣe nìyí: iye mẹ́ta yìí kì í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí ara wọn ni wọ́n ń gùn. Ohun tí mílíọ̀nù kan rà ní 2021 di ₦1,213,400 lópin ọdún kìíní. Orí èyí ni 28.92 ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di nǹkan bíi ₦1,564,000. Orí ìyẹn náà ni 34.80 gùn, ó sì di nǹkan bíi ₦2,109,000. Káfíńtà mi kò purọ́ mọ́ mi. Tí mo bá pín ₦1,118,000 tí mo bá ní bánkì sí 2.109, ohun tí mo ní lọ́wọ́ kò ju bíi ₦530,000 lọ ní owó ọdún 2021. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó náà tó ti lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí olè tó wọlé, pásíbúùkù sì ń fi hàn mí pé owó ń lé sí i.

Kí ló dé tí èlé mi kéré tó bẹ́ẹ̀? Báńkì Àpapọ̀ ló ń ṣe òfin lórí èlé àkáǹtì ìfowópamọ́. Títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ohun tó kéré jù tí bánkì lè san jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń kéde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti dá a padà sí ìdá 30. Ẹ kíyèsí i pé ìdá 30 nínú iye èlé yẹn ni, kì í ṣe ìdá 30 nínú owó yín. Bí Báńkì Àpapọ̀ bá fi tirẹ̀ sí 27, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe ní oṣù Kẹsàn-án 2025, 8.1 péré ló kan olówó kékeré.

Òfin kan tún wà tí kò sẹ́ni tó là mí lọ́yẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá gba owó jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù kan nínú irú àkáǹtì yìí, èlé oṣù yẹn ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo gba sítétímẹ́ǹtì, mo rí oṣù márùn-ún tí kò sí èlé kankan níbẹ̀. Oṣù tí a ń san owó fún àwọn bíríkìlà ni wọ́n. Lónìí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ibi pí-ó-ẹ́ẹ̀sì, lọ́la ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo sì ń dá a padà bí owó bá wọlé, mi ò mọ̀ pé mo ń fi ọwọ́ ara mi ju èlé náà nù. Ẹni tó bá ń náwó díẹ̀díẹ̀ kó ya àkáǹtì tó ń ná sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fi ń pamọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó òun ń dàgbà, kó má fi iye tó wà nínú pásíbúùkù lónìí wé ti èṣí. Kó mú ọgọ́rùn-ún náírà, kó fi èlé ọdún kan kún un, kó wá pín in sí ọgọ́rùn-ún tí a fi ọ̀wọ́ngógó ọdún kan kún. Ẹ jẹ́ ká fi oṣù Kẹwàá 2025 ṣe é, nígbà tí ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 16.05. Ọgọ́rùn-ún náírà tó gba èlé 8.1 di ₦108.10. Ohun tí ọgọ́rùn-ún náírà ń rà tẹ́lẹ̀ ti di ₦116.05. Ẹ pín àkọ́kọ́ sí èkejì, ẹ ó rí 0.93. Ó túmọ̀ sí pé agbára ₦93 ló kù nínú ọgọ́rùn-ún, ní ọdún tí gbogbo ayé ń sọ pé nǹkan ti rọ̀.

Ọ̀nà kan náà la fi ń wọn àwọn yòókù, ṣùgbọ́n iye tó máa wọ àpò wa ni ká wọ̀n, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára páálí. Fíìsì dìpọ́síìtì tí bánkì bá pè ní 15, wọ́n á yọ ìdá mẹ́wàá èlé náà fún owó orí, á ku 13.5. Èyí ṣì wà lábẹ́ 16.05. Ní ti tírẹ́sọ́rì bíìlì, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ ará ìlú, èyí tó jẹ́ oníọjọ́ 364, iye tí wọ́n ń pè kéré sí ohun tó ń mú wá, nítorí pé iwájú ni wọ́n ti ń san èlé rẹ̀. Ká ní 16 ni wọ́n pè é. Ẹni tó fẹ́ gba mílíọ̀nù kan lópin ọdún yóò san nǹkan bíi ₦840,000 lónìí. Ó fi ₦840,000 jèrè ₦160,000, ìyẹn sì jẹ́ 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí borí ọ̀wọ́ngógó díẹ̀. Ẹ ṣá bi bánkì yín bóyá wọ́n á yọ owó orí nínú èyí náà àti iye tí wọ́n á gbà fún iṣẹ́ wọn, kí ẹ tó ṣírò.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè ra ìwé ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, èyí tí ₦5,000 tó láti fi wọ̀ ọ́. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló ń lò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé ń wọlé, ọ̀dọ̀ alágbàtà ìpín ìdókòwò la sì ti ń rà á. Ewu rẹ̀ ni pé èlé rẹ̀ kì í yí padà. Bí ọ̀wọ́ngógó bá gbéra lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, ẹ̀yin ni ẹ ó jìyà rẹ̀. Bó bá wálẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ó jèrè rẹ̀.

Mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Ní ọdún mẹ́ta tí mo sọ yẹn, ká ní mo rí ibi tó ń san 12 lọ́dọọdún láìyọ kọ́bọ̀, owó mi ì bá di bíi ₦1,405,000, ì bá sì ṣì kù ju ₦700,000 lọ kó tó bá ọjà. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà mí lọ́jọ́ yẹn ni kí n ra páànù náà ní 2021, kí n kó o sí yàrá ọmọ ìyá mi, kí n sì tì í pa. Ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́ rà, tí ohun náà kì í bàjẹ́, tó sì ní ibi tí olè kò lè dé, kó rà á. Owó àìsàn àti owó oúnjẹ kò ṣe é kó sínú páànù ní tiwọn. Ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà ní bánkì, kódà bó ń dín kù.

Ó tún kù síbì kan, nítorí bàbá tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Òkèṣà. Ọ̀wọ́ngógó tó wálẹ̀ kò sọ pé ọjà wálẹ̀. Ohun tó wọ́n tẹ́lẹ̀ ṣì ń wọ́n sí i, ìrìn rẹ̀ ló rọra. Bákan náà, 34.80 ti oṣù Kejìlá 2024 kò di 24.48 ní oṣù Kìíní 2025 nítorí pé garí dínwó. Àjọ ìṣirò ló tún agbọ̀n ọjà tí wọ́n ń wọ̀n tò, tí wọ́n sì sọ 2024 di ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń fi iye ọjà wé. Nínú agbọ̀n àtijọ́, oúnjẹ lé ní ìdajì. Nínú tuntun, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé tí ohun tí wọ́n ń jẹ bá kó ju ìdajì owó oṣù lọ, irú èyí tó pọ̀ ní Èkìtì yìí, ọ̀wọ́ngógó tirẹ̀ lè ju èyí tí wọ́n kà ní rédíò lọ. Ẹ fi ìwé kékeré kan kọ iye tí ẹ ra ìṣù iṣu, epo àti oògùn yín, kí ẹ wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń dá èsúsú náà, ẹ ronú sí i. Bí èèyàn méjìlá bá ń dá a lóṣooṣù, iye kan náà ni ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn ń kó, ṣùgbọ́n oṣù mọ́kànlá ló wà láàárín wọn. Ó yẹ kí ẹni tó kó kẹ́yìn lọ́dún yìí kó ṣáájú lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ yín, Olóòtú, ni pé nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ iye ọ̀wọ́ngógó oṣù kan jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ èlé àkáǹtì ìfowópamọ́ àti ti tírẹ́sọ́rì bíìlì oníọjọ́ 364 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú àpótí kan náà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì.