Bàbá ní Yorùbá ni Ìṣẹ̀kírì

Àgbowó, Ìbàdàn.

Tóyìn mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń fà sẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè gbé mì.

Dàpọ̀ mú àfẹ́sọ́nà wálé. Ọmọ Wàrí ni, Ìṣẹ̀kírì. Bàbá bi í ní orúkọ, ó ní Tẹmisan. Inú Bàbá dùn gan-an: "Tèmi sàn! Ara wa ni yín, Yorùbá ni yín!" Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fẹ̀sọ̀ dáhùn: "Rárá o, sà. Ìṣẹ̀kírì ni wá." Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò dárúkọ ìgbéyàwó mọ́. Èmi tí mo ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni wọ́n wá ní kí n dá ẹjọ́.

Tóyìn, ẹjọ́ náà ò dá lọ́wọ́ mi. Ti ìbátan ò níyèméjì. Orúkọ wọn bíi Ọmatsọla, wò ó dáadáa, "ọmọ ṣe ọlá" ni. Níbi tí àwa ti ń pe ṣ, ts ló wà lẹ́nu wọn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí ni Fẹ́mi Akínkugbé ti fi ìró àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé ti Ìṣẹ̀kírì àti Ìgalà nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1978. Àmọ́ pé a jọ ṣẹ̀ láti orírun kan kò sọ bóyá èdè kan náà la ń sọ lónìí.

Bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn, gba Ìjẹ̀bú kọjá sí Ìkálẹ̀, dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn yín ní Ìlàjẹ, kí o wá wọ ilẹ̀ Ìṣẹ̀kírì. Ará ibì kan ń gbọ́ ti aládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kò gbọ́ ti ẹni tó wà lópin. Ibo ni kí n ti fa ìlà? Ṣé o rántí ọjọ́ tí Bàbá bínú pé Màmá yín ò fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún àwọn? Lápá ibẹ̀ yẹn, "àn án wá" lè jẹ́ "ẹ wá," ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá". Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ọlọ́wọ̀ tiwa kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ pé Màmá kì í ṣe Yorùbá.

Mo wá dán an wò. Ìyá àgbà Tẹmisan fi ìtàn ọkọ̀ kan tó rì ránṣẹ́ lórí fóònù, kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Mo ṣe ìbéèrè 10 sí i. Mo kọ́kọ́ bi Tẹmisan fúnra rẹ̀, torí bí onílé bá kùnà, ìbéèrè mi ni kò dáa. Ó gba gbogbo ẹ̀. Bàbá gba 4. Ìyá ẹlẹ́ja kan ní Bódìjà, ọmọ Ìlàjẹ, gba 9. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ lọ sọ fún Bàbá pé wọ́n jàre, àfìgbà tí obìnrin náà ní òun ti tajà ní Sàpẹ́lẹ̀ fún ọdún 6. Etí tó ti kọ́ ọ nìyẹn. 9 rẹ̀ ò sọ nǹkan kan nípa bí èdè méjèèjì ṣe sún mọ́ra tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí ará Ìlàjẹ bá ń gbọ́ tiwa. Ilé-ìwé ló kọ́ wọn, àti rédíò, àti Bíbélì tó jáde lódindi ní 1884, èyí tí Yorùbá rẹ̀ fi ara ti èdè Ọ̀yọ́ jù. Ìṣẹ̀kírì kò gba ọ̀nà yẹn. Olú ni ọba wọn, ìtàn wọn sì ní Gínúwà ọmọ ọba Bìní ló tẹ ìjọba náà dó. Mo gbà pé ìyẹn ló fa ìlà náà ju ohun tó wà lẹ́nu wọn lọ, mo sì gbà pé ó tó láti fa ìlà. Mo sọ fún Bàbá pé ọmọ náà kò rí wọn fín. Wọn ò dáhùn. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí Dàpọ̀, kò jẹun dáadáa mọ́.

Kẹ́hìndé bí obìnrin. Wọ́n ti tún òrùlé wa kàn.

Jọ̀ọ́, ṣe èyí fún mi. Màmá ò gbé Wàrí tàbí Sàpẹ́lẹ̀ rí. Màá fi ìtàn náà ránṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, má tún un gbé fún wọn, má sì ṣàlàyé ohunkóhun. Ìlàjẹ ni kí o fi béèrè ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kì í ṣe Yorùbá Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà kí àwọn náà sọ ìtàn kan, bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wọn ní Igbókòdá, kí n gbé e fún Tẹmisan. Bàbá ti ní àwọn máa jókòó gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́