Màmá ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nìyẹn

Olóòtú,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbogbo wa la mọ àwọn káàdì tí ilé iṣẹ́ ìròyìn máa ń gbé sórí Fésíbúùkù, fọ́tò ẹni tó sọ̀rọ̀ lápá kan, gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ lápá kejì, nínú àmì àyọlò gàdàgbà. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ sọ ìyálọ́jà wa di ọ̀tá ìlú. Wọ́n gbé fọ́tò màmá síbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé: “A máa fi owó kún gàrí láti oṣù tó ń bọ̀.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé orí Wáàsáàpù gbogbo àdúgbò. Oníbàárà kan wá dúró níwájú ìsọ̀ màmá, ó na fóònù sí wọn lójú, ó ní ṣé ojú ò ti ìyá àgbà ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé màmá ló sọ ọ́ lóòótọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lórí káàdì náà tí kò ti ẹnu wọn jáde, síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò náà, tí mi ò ní dárúkọ, mo sì gba ohùn wọn sórí fóònù mi. Wọ́n bi màmá pé ṣé òótọ́ ni pé gàrí fẹ́ gbówó lórí. Ohun tí wọ́n fi dáhùn rèé:

“Àwa ò fẹ́ fi owó kún gàrí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ká fi owó kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní rárá. Ohun tó ń dà wá láàmú ni ọ̀nà oko. Mọ́tò tó ń kó ẹ̀gẹ́ kì í fẹ́ gba ibẹ̀ mọ́, èyí tó bá sì gbà láti lọ, ìlọ́po méjì owó ló ń gbà. Ẹ̀gẹ́ tó bá sì sùn sọ́nà ju ọjọ́ méjì lọ, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Bí ìjọba ìbílẹ̀ ò bá tún ọ̀nà yẹn ṣe kí òjò tó dé, a máa fi owó kún gàrí láti oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún un ṣe, iye tí à ń tà á náà la ó máa tà á.”

Ṣé ẹ rí “bí” yẹn? Wọ́n gé e sọnù. Ìkìlọ̀ tí màmá ń ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀ wá di ìhàlẹ̀ mọ́ aráàlú. Káàdì kejì tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: “Ká fi owó kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.” Ọ̀rọ̀ àwọn tí màmá ń bá jiyàn nìyẹn! Wọ́n gé “àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní” níwájú, wọ́n gé “mo ní rárá” lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé báyìí la fẹ́ máa gé ọ̀rọ̀, Bíbélì pàápàá á sọ pé Ọlọ́run kò sí. Ẹ ṣí Orin Dáfídì 14, ẹsẹ 1, ó wà níbẹ̀. Àfi pé aṣiwèrè ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Káàdì kẹta ní: “Ìlọ́po méjì owó ló ń gbà.” Ta ló ń gbà á? Àwọn kan ní agbowó-orí ni, àwọn kan ní alága ẹgbẹ́ wa ni. Awakọ̀ ni màmá ń wí.

Mo pe ilé iṣẹ́ rédíò náà. Ẹni tó gbé fóònù ní káàdì kò láyè púpọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ kó lọ gbọ́ ètò náà. Ètò tó ti kọjá lórí afẹ́fẹ́! Ó tún ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta làwọn tò léra wọn, pé kí èèyàn wò ó tán kó tó bínú. Lójú ìwé tiwọn, wọ́n lè tò ó léra. Ẹyọ kan ṣoṣo ni aráyé ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wáàsáàpù. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ìyẹn nígbà tí a bá mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ta ni wọ́n mọ̀ nínú àwọn tí káàdì yìí dé ọwọ́ wọn?

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ màmá ṣeé gé. Èmi náà jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo sì fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo “bí”, gbogbo “ṣùgbọ́n”, gbogbo “ò”, àti gbogbo ibi tí màmá ti ń sọ ohun tí ẹlòmíràn wí. Ibi tí mo bá ti fàlà, mi ò gbọdọ̀ gé e kúrò lára ohun tó ń tọ́ka sí. Káàdì mẹ́rin ló jáde:

“Àwa ò fẹ́ fi owó kún gàrí. … Ohun tó ń dà wá láàmú ni ọ̀nà oko.”

“Mọ́tò tó ń kó ẹ̀gẹ́ kì í fẹ́ gba [ọ̀nà oko] mọ́, èyí tó bá sì gbà láti lọ, ìlọ́po méjì owó ló ń gbà.”

“Ẹ̀gẹ́ tó bá sì sùn sọ́nà ju ọjọ́ méjì lọ, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn.”

Ìkẹrin ni gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn, láti “Bí ìjọba ìbílẹ̀” títí dé “la ó máa tà á”, láìyọ nǹkan kan.

Àmì tóótòòtó inú ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé mo fo nǹkan. Ohun tí mo fò ni àríyànjiyàn inú ẹgbẹ́, kò sì yí ohun tí màmá fẹ́ padà. Bó bá jẹ́ “bí” ni mo fò, tóótòòtó ò lè gbà mí sílẹ̀. Nínú ìkejì, “ibẹ̀” ni màmá sọ. Ẹni tí kò rí káàdì àkọ́kọ́ ò ní mọ ibi tó jẹ́, ni mo ṣe fi ọ̀rọ̀ tèmi sínú àmì àkámọ́, kó hàn pé kì í ṣe ti màmá. Ìkẹta ò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan. Èyí tó dára jù lọ nìyẹn, wọn ò sì fọwọ́ kàn án, bóyá nítorí pé kò dá ìjà sílẹ̀. Ìkẹrin gùn, mo mọ̀. Kí wọ́n dín fọ́tò kù tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Gbogbo ọjà ló mọ ojú màmá.

Kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n mú káàdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lọ bá ẹni tí kò gbọ́ ètò náà, ìbáà jẹ́ mẹ́séńjà tàbí olùṣọ́ ẹnu géètì, kí wọ́n bi í pé, “Kí lẹni yìí ń fẹ́?” Mo fi ìkẹrin tèmi han ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lọ gàrí fún wa, ó ní màmá fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe. Mo fi àkọ́kọ́ tiwọn hàn án, ó ní màmá fẹ́ jèrè. Bí ìdáhùn bá jẹ́ èyí tí ẹni tó sọ̀rọ̀ máa sẹ́, kí wọ́n tún un gé. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọ̀gá tó jókòó sínú yàrá tútù, tí iye ẹni tó tẹ “láìkì” nìkan ń jẹ lógún, wọn ò ní ṣe é àyàfi bí a bá pariwo.

Kí wọ́n kọ ìbéèrè àti déètì sísàlẹ̀ káàdì. Kí wọ́n sì pe ẹni tó sọ̀rọ̀ bí ohun tí wọ́n gé bá lè dá wàhálà sílẹ̀.

Wọ́n ti fi àtúnṣe sí abẹ́ káàdì náà báyìí, ní lẹ́tà kéékèèké. Àtúnṣe yẹn ò tẹ̀ lé fọ́tò lọ sórí Wáàsáàpù, bẹ́ẹ̀ ni pípa káàdì náà rẹ́ ò ní yọ ọ́ lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń bèèrè ni káàdì tuntun, fọ́tò màmá kan náà, àwọ̀ kan náà, tí “bí” wà nínú rẹ̀, káwa náà lè máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ti àkọ́kọ́ dé.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ oníṣòwò gàrí,
Ìpínlẹ̀ Ògùn