Bí dísíjọ́ntọ̀ bá ń já, ẹ má fi èyí tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí jáde. Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́ níbí pé bí dísíjọ́ntọ̀ (bíréékà lẹ́nu àwọn ará Nàìjíríà) bá ń já léraléra, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀. Nígbà tí kò bá já mọ́, wọ́n á ní ó ti dára. Kò dára o. Wáyà inú ògiri ni dísíjọ́ntọ̀ ń ṣọ́, kì í ṣe ohun èlò tí ẹ kì bọ̀ ọ́.

Ẹ wo iyàrá kan tí wáyà 1.5 mm² lọ sí príìsì rẹ̀, tí dísíjọ́ntọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ C16, ìyẹn áńpíà 16. Wọ́n ki kẹ́tùlù oníná wáàtì 2200, áyọ́ọ̀nù 1800 àti sítóòfù oníná 1500 bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 5500. Ẹ fi fóòtì 220 pín in, áńpíà 25 ni. Dísíjọ́ntọ̀ náà kò ní já lójú ẹsẹ̀. Irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kó tó tẹ̀, èyí sì lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀. (Èyí tó bá já wéré bí ẹ bá ṣe gbé e sókè, wáyà méjì ló ń kanra, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.)

Bí wọ́n bá wá fi C32 síbẹ̀, áńpíà 25 kò tó ohun tó máa já a. Wáyà tí kò yẹ kó gbé ju 16 lọ yóò máa gbé 25 títí tí wọ́n á fi pa sítóòfù. Ooru inú rẹ̀ yóò lé ní ìlọ́po méjì, nítorí pé bí iná bá pọ̀ sí i ní ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Rọ́bà ara wáyà ilé kò gbọ́dọ̀ kọjá 70°C. Bó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, á gan, á sán, bàbà á hàn síta, iná á sì ṣẹ́ yọ lókè àjà níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Òórùn rọ́bà jíjóná, tàbí príìsì tó pọ́n tí ó sì gbóná lọ́wọ́, ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ewu kan náà ló wà nínú fíúùsì tí wọ́n fi bàbà wáyà so nígbà tó jóná.

Kí ẹ tó yan òǹkà dísíjọ́ntọ̀, ẹ wo wáàtì tó wà lẹ́yìn ohun èlò, ẹ fi 220 pín in, kí ẹ sì mú òǹkà tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ wáyà ló ní àṣẹ ìkẹyìn: wáyà 1.5 kò gbọ́dọ̀ kọjá C16, wáyà 2.5 kò gbọ́dọ̀ kọjá C20. Ní iyàrá yẹn, ìlà tirẹ̀ ni kí wọ́n fà fún sítóòfù, pẹ̀lú wáyà 2.5 àti C10. Kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú, áńpíà 18 ni wọ́n jọ ń gbà: bí ọ̀kan bá wà lórí iná, kí èkejì dúró.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa oníṣẹ́ iná, Àjàṣẹ́