Fíì Òfo Ni Wọ́n Kọ, Owó Wa Ni Wọ́n Ń Jẹ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e jáde. Ìwé owó ni mò ń bá àwọn oníṣòwò òkè òkun kọ láti Adó-Èkìtì níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn san 500 dọ́là fún mi, mo ṣí áàpù tí mo fi ń gbowó, mo ní kí wọ́n bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà ni "Fee: ₦0.00". Alẹ́ẹ̀tì wọlé, 720,000 náírà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, réètì tí CBN gbé jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an, 1,500 ni dọ́là kan, 750,000 nìyẹn. 30,000 náírà ti wọlẹ̀ lọ, kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí risíìtì.

Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Mà, a ò yọ kọ́bọ̀, òfo ni fíì yín." Kò parọ́ o, wọn ò yọ ọ́ ní fíì, inú réètì ni wọ́n ti yọ ọ́. 1,440 ni wọ́n fi ra dọ́là lọ́wọ́ mi. Mo wá ní kí n wo iye tí àwọn náà ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ rà nínú áàpù kan náà, 1,550! Dọ́là kan náà, lójú kan náà, 110 náírà ló wà láàárín iye tí wọ́n fi ń rà á àti iye tí wọ́n ń tà á. Inú àlàfo yẹn ni wọ́n ti ń jẹun. Ó dà bí oní-gàrí tó ti tẹ ìdí kóńgò sínú, á ní òun ò fowó lé gàrí, kóńgò á sì kún lójú ẹ, àmọ́ ohun tó o gbé délé ò pé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀rẹ́ mi kan n'Íkẹ̀rẹ́ ń lo áàpù míì tí àwọn èèyàn ń sá fún torí pé wọ́n ń gba fíì 5 dọ́là. Ká yọ 5 dọ́là yẹn nínú 500, ó ku 495, réètì tiwọn lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 1,490, 737,550 náírà ni wọ́n máa san. Ẹni tó kọ fíì ẹ̀ sójú táyé fi 17,550 náírà san jù ẹni tó ní òun ò gba nǹkan kan lọ! Torí náà ẹ má wo fíì rárá. Iye náírà tó bọ́ sọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi iye tí oníbàárà fi ránṣẹ́ pín, ohun tó bá jáde ni réètì tí wọ́n fún yín lóòótọ́, kẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti CBN. Tó bá jẹ́ pọ́n-ùn ni oníbàárà san, ẹ tún la ojú yín dáadáa, torí àwọn míì á kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là kí wọ́n tó wá ṣẹ́ dọ́là sí náírà, wọ́n á sì bù jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò ní kí wọ́n má jèrè o. Réètì lè já kí wọ́n tó rí ẹni ta dọ́là tí wọ́n rà lọ́wọ́ wa fún, kò sẹ́ni tó máa fún wa ní 1,500 géérégé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síta! Fíì òfo ni wọ́n kọ, 30,000 ni wọ́n mú.

Àwọn ọ̀gá tó jókòó sí Àbújá dà? Láti oṣù kẹfà 2023 ni wọ́n ti ní kí ọjà máa pinnu réètì, ó dáa, àmọ́ ta ló ń wo ohun tí àwọn oní-áàpù ń fi àlàfo yẹn ṣe fún àwọn ọmọ tó ń fi lápútọ́ọ̀pù wá dọ́là n'Íwòròkò àti Ọ̀yẹ́? Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, wọn ò rí wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n pa láṣẹ ò le. Kí èèyàn tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, kí áàpù tàbí báńkì kọ́kọ́ gbé réètì CBN ọjọ́ yẹn síwájú ẹ, kí réètì tiwọn wà lábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n wá kọ ìyàtọ̀ méjèèjì sí iye náírà lórí gbogbo owó tó fẹ́ ṣẹ́, kì í ṣe lórí dọ́là kan. Fún èmi, ìlà kẹta yẹn ì bá kà báyìí pé 30,000 náírà, ǹ bá sì ti gbé owó mi lọ síbòmíì. Kó wà lórí risíìtì náà, torí risíìtì lèèyàn máa mú lọ fẹjọ́ sùn. Ní Yúróòpù, láti 2020 ni òfin ti ní kí àwọn tó ń ṣẹ́ owó lórí káàdì kọ iye tí wọ́n fi lé réètì báńkì àgbà wọn, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. CBN tiwa náà sì ń gbé réètì sórí wẹ́ẹ̀bù wọn lójoojúmọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sáà mú un lò.

Kí wọ́n sì jẹ́ kí gbígba dọ́là fúnra ẹ̀ nínú àkáǹtì dọ́mù rọrùn sí i ní àwọn báńkì Adó níbí, kí ẹni tí réètì ò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé owó ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé owó kan, Adó-Èkìtì.