Ẹ dín owó kù, ẹ má dín oṣù kù: Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ yá nínú owó oṣù

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní Ọbantoko, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ìlewó, ló mú mi kọ ìwé yìí. Kò jalè, kò sì ṣọ̀lẹ. Ó kàn fẹ́ san owó ilé ni. Ó yá owó lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé oṣù méjì péré lòun máa fi san án tán. Ìlérí oṣù méjì yẹn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìṣirò náà sílẹ̀ kí ẹ rí i. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 90,000 náírà. Kọpuréétìfù ti ń yọ 10,000 kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà 80,000 ló ń wọlé fún un. Owó ilé jẹ́ 150,000, ó ti tọ́jú 60,000, ó ku 90,000. Ó kọ̀wé ní oṣù kẹta, wọ́n yá a ní 90,000, ó ní kí wọ́n yọ 45,000 ní oṣù kẹrin àti 45,000 ní oṣù karùn-ún. Ọ̀gá dùn sí i. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn sí ẹni tó fẹ́ san gbèsè kíákíá? Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹrin, 35,000 ló wọ àpò rẹ̀. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ń jẹ 1,200 lóòjọ́, ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún nínú oṣù jẹ́ 26,400. Ó wá ku 8,600 tí yóò fi jẹun, tí yóò fi pe èèyàn lórí fóònù, tí yóò fi ra oògùn bí ibà bá dé.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tó sá lọ. Ó lọ bá àwọn ayánilówó orí fóònù, ó gba díẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gba òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Nígbà tí kò rí i san mọ́, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Ojú tì í, kò padà sí ibi iṣẹ́. Gbèsè ọ̀gá ti parí ní oṣù karùn-ún, bó ṣe ṣèlérí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí.

Mo ti rí ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nídìí tábìlì owó oṣù. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ máa ń rò pé bí òun bá sọ pé òun máa tètè san, wọn yóò tètè gbà. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ba ọ̀gá lẹ́rù kì í sábà jẹ́ gígùn oṣù. Ẹ̀rù rẹ̀ ni pé o lè lọ kí gbèsè tó tán, tàbí pé o máa tún padà wá yá òmíràn lóṣù tó ń bọ̀ nítorí pé èyí tí wọ́n yọ ti pọ̀ jù fún ọ. Ìlérí oṣù méjì ló sì máa ń mú kí ìkejì yẹn ṣẹlẹ̀.

Ibo ló yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, nígbà náà? Kì í ṣe láti orí gbèsè. Láti orí oúnjẹ ni. Ẹ mú owó tó ń wọ ọwọ́ yín gan-an, kì í ṣe iye tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Ti ọmọ yìí jẹ́ 80,000. Ẹ yọ ohun tí oṣù ń jẹ bí ẹ bá fẹ́ bí ẹ bá kọ̀: ọkọ̀ 26,400, oúnjẹ 28,000, iná àti káàdì fóònù 5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 59,400. Ó ku 20,600. Iye yẹn ni òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá, kì í sì í ṣe iye tó yẹ kó fi ṣèlérí. Bó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ibà kan ṣoṣo ti tó láti dá a padà sọ́wọ́ àwọn ayánilówó. Kí ó fi 15,000 sílẹ̀, kí 5,600 wà fún àìròtẹ́lẹ̀. 90,000 tí a bá pín sí 15,000, oṣù mẹ́fà ni. Mẹ́fà, ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe méjì!

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa pàápàá ti rí ewu yìí. Abala 5 rẹ̀ sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta 90,000 jẹ́ 30,000. Bí a bá ka 10,000 kọpuréétìfù mọ́ ọn, 20,000 péré ló kù tí wọ́n lè yọ fún gbèsè. 45,000 tó fúnra rẹ̀ fi lọ̀ wọ́n ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Òṣìṣẹ́ tí òfin yìí ń sọ ni ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ọ́fíìsì. Ẹni tó bá wà ní ipò ọ̀gá, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ wò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà dára fún gbogbo yín.

Bí ọ̀gá bá wá ní oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣubú. Wọn á ní, "Ó dáa, sà, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní mẹ́ta," láìtún un ṣírò. 90,000 ní oṣù mẹ́ta jẹ́ 30,000 lóṣù, ó sì ti kọjá 20,600 tí inú rẹ lè gbà. Owó tí o ń tọrọ ni kí o dín kù, kì í ṣe oṣù. Bí ọ̀gá bá ní oṣù mẹ́rin ni òun lè gbà, sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí n gba 60,000 nígbà náà, kí ẹ máa yọ 15,000 fún oṣù mẹ́rin." 30,000 tó kù, lọ bá lánlọ́ọ̀dù kí o tó gba owó náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá. Ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù máa gba 120,000 lọ́wọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tó dájú fún ìyókù.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Ọmọ yìí ní àbúrò tó ń wọ ilé ìwé ní oṣù kẹsàn-án, òun ló sì ń ra ìwé. Ó yẹ kí ètò náà fo oṣù yẹn: 15,000 láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹjọ, èyí jẹ́ 75,000; kí wọ́n má yọ nǹkan kan ní oṣù kẹsàn-án; kí wọ́n yọ 15,000 tó kẹ́yìn ní oṣù kẹwàá. Béèrè fífò náà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, kí wọ́n rí i pé ìwọ lo rò ó. Bó bá di ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án kí o tó wá máa bẹ̀bẹ̀, ẹni tó kùnà ìlérí lo di yẹn.

Bí iye náà kò bá pín dọ́gba, ẹ má kọ kóbọ̀ sílẹ̀ fún akáǹtáǹtì. 100,000 ní oṣù mẹ́fà: ẹ kọ 17,000 fún oṣù márùn-ún, kí ti ìkẹyìn jẹ́ 15,000.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ìtàn lánlọ́ọ̀dù, gbólóhùn kan tó. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ rí báyìí: "Mo bẹ̀bẹ̀ kí ilé iṣẹ́ yá mi ní 90,000 náírà. Kí wọ́n máa yọ 15,000 nínú owó oṣù mi láti ìparí oṣù kẹrin dé oṣù kẹjọ, kí wọ́n fo oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n yọ 15,000 tó kẹ́yìn ní oṣù kẹwàá. Ohun tí yóò máa wọlé fún mi lẹ́yìn èyí àti kọpuréétìfù jẹ́ 65,000, mo sì ti ṣírò pé ó tó mi. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó parí, màá san ohun tó kù ní ọjọ́ tí mo bá ń lọ." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń pa ẹ̀rù ọ̀gá. Mi ò mọ ìdí tí ẹ fi máa ń fi í sílẹ̀! Ẹ̀yin ń kọ "mo ṣèlérí, mo jẹ́ olóòótọ́" ní ìlà mẹ́wàá, ẹ ò kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá lọ.

Ẹ sọ oṣù tí yíyọ máa bẹ̀rẹ̀ ní pàtó. Nílé iṣẹ́ púpọ̀, wọ́n ti máa ń ti ìwé owó oṣù pa nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ogúnjọ́. Bí lẹ́tà rẹ bá wọlé lẹ́yìn náà, wọn kò ní lè yọ nǹkan kan lóṣù yẹn, akọ̀wé kan lè wá rò pé o jẹ oṣù méjì, kó yọ 30,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀, kò sọ fún ọ. Lórí péésílíìpù ni wàá ti rí i, bí o bá ń wò ó. Ẹ̀yin kì í wò ó. Wọ́n á fún yín, ẹ á ká a sápò.

Ẹ sì má ka dẹkẹ́mbà mọ́ ètò yín àyàfi bí owó ọdún bá wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Ohun tí ọ̀gá fi tinútinú fún yín lọ́dún tó kọjá, ẹ má fi jẹ gbèsè lọ́dún yìí.

Nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, gba ẹ̀dà kan tó ní ìbuwọ́lùwé àti déètì. Fi bírò sàmì sí oṣù kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Yíyọ tó ti wọ inú ìwé owó oṣù kì í sábà dá dúró fúnra rẹ̀; bí kò bá sí ẹni tó pa á níbẹ̀, yóò máa lọ. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, kí akọ̀wé tó tún ti ìwé pa, mú ẹ̀dà rẹ lọ bá a, kí ẹ jọ kà á pé 90,000 ti pé, kí ó sì yọ orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀ níṣojú rẹ.