Ẹ Dá Owó Bátìrì Mi Padà

Sí Ọ̀gá Iléeṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ mi àti ọjọ́ tí mo ra láàpútọ́ọ̀pù yìí wà nínú ìwé yín, n ò ní tún un sọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti gbé e láti Yábàá wá sí ẹ̀ka yín n'Ìkẹjà torí pé kò gba iná mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọkùnrin tó wà ní káúńtà kò tilẹ̀ ki ṣájà bọ̀ ọ́ tó fi ní bátìrì ló ti kú. Mo ra òmíràn lọ́wọ́ yín ní ₦42,000. Mo délé, ibi tó wà náà ló wà. Mo padà wá, ó ní ṣájà ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kó kúkú yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá wò mí tòkè-tilẹ̀: "Mọ̀mí, ṣé ẹ̀yin ni ẹnjiníà ni?" Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀ gba nọ́ńbà mi, ó ní òun á pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí. Bóyá ìpè náà ṣì wà nínú gòsúlóò.

Ó dáa, n kì í ṣe ẹnjiníà. Mo ki ṣájà mi bọ láàpútọ́ọ̀pù àbúrò mi tó jẹ́ irú kan náà, ó gba iná wẹ́rẹ́. Mo gbé tèmi lọ sí Ọ̀tìgbà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ kan fi mítà wọn ẹnu ṣájà: fóòtì 19.4, nígbà tí 19.5 wà lára rẹ̀. Ó ń tẹ wáyà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, pàápàá lọ́rùn, níbi tó ti máa ń já, nọ́ńbà yẹn kò yẹ̀. Ṣájà kò ṣe nǹkan kan, wáyà náà kò ṣe nǹkan kan.

Ó wá yọ bátìrì yín kúrò pátápátá, ó ki ṣájà nìkan bọ̀ ọ́, nítorí ó yẹ kí ẹ̀rọ náà tàn láìsí bátìrì. Kò tàn. Ó fi ìka ti ẹnu ṣájà sókè díẹ̀, ó tàn. Ó yọwọ́, ó kú. Bátìrì wo ló wá ń yọ wá lẹ́nu, nígbà tí kò sí bátìrì nínú rẹ̀? Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò tí ṣájà ń wọ̀: irin àárín rẹ̀ ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Bóyá jíjó ni wọ́n máa jó o padà, bóyá pípààrọ̀ ni, ó ní àfi tí òun bá tú u. N ò jẹ́ kó tú u, torí mo mọ̀ pé ẹ máa ní mo ti ba gàrántì jẹ́.

Ẹ tún ojú ihò náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ gba bátìrì yín, kí ẹ dá ₦42,000 mi padà láàárín ọjọ́ 7. Rìsíìtì mi wà lọ́wọ́. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, kóòtù ẹjọ́ owó kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2018 ni a ó ti pàdé, lẹ́tà yìí ni n ó sì kọ́kọ́ gbé síwájú wọn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí kì í ṣe ẹnjiníà.