Ọmọ ìkókó tó ní ikọ́ àhúbì lè má húkọ́ rárá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ìwé ìròyìn yín kọ lórí ikọ́ àhúbì, ibì kan sì wà níbẹ̀ tí n kò lè dákẹ́ sí. Ẹ ní kí ìyá máa tẹ́tí sí ìró gígùn tó dà bí ìgbe àkùkọ, èyí tí ọmọ máa ń ṣe bó bá fẹ́ fa èémí sínú lẹ́yìn ikọ́, pé bí kò bá ti gbọ́ ọ, kó fọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ ọdún márùn-ún. Òun náà ló ń húkọ́ títí tó fi ń bì, tí àrùn náà fi gba orúkọ tí à ń pè é. Àmọ́ ìyá ọmọ oṣù kan tó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn lè pàdánù ọmọ rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún kan wá lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá rẹ̀ kò fẹnu kan ikọ́ rárá. Ohun tó sọ ni pé, "Mà, ó máa ń gbàgbé láti mí." Imú ọmọ náà ń dà díẹ̀, ara rẹ̀ kò gbóná, ọyàn ni kò fẹ́ mu mọ́. Nígbà tí dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Díẹ̀ ló kù ká ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Lójijì ojú ọmọ pọ́n, ó lanu, ohùn kankan kò jáde, ètè rẹ̀ sì ṣú bí aró. Ó tó 20 ìṣẹ́jú àáyá tí kò fi mí, àfìgbà tí a fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó tún sùn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Bí ikọ́ àhúbì ṣe ń tan àgbà jẹ nìyẹn: bí èémí tó dúró bá ti padà, ara ọmọ máa ń dà bíi pé ó yá títí yóò fi tún dúró. Ìró àkùkọ yẹn ń gba agbára, ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀ kò sì ní in.

A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí májèlé kòkòrò tó ń fa ikọ́ àhúbì kì í jẹ́ kí wọ́n kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ kọjá ààlà, wọ́n lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró pa, ohun tó sì ń pa ọmọ mìíràn nìyẹn kódà lórí ẹ̀rọ èémí. Mo bi ìyá pé ta ló ń húkọ́ nílé. Ó ní bàbá ọmọ ni, ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ikọ́ lásán ni. Àjẹsára tí bàbá gbà ní kékeré ti ṣá. Ọ̀sẹ̀ kẹfà sì ni ọmọ máa ń gba ti àkọ́kọ́, tí èyí kò tíì pé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláboyún lábẹ́rẹ́ ikọ́ àhúbì ní àwọn oṣù ìparí oyún ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, kí ààbò ti ara ìyá lè wọ ara ọmọ kó tó bí i.

Abẹ́rẹ́ kan náà ló ní ti gbọ̀fungbọ̀fun nínú, tí àwọn dókítà ń pè ní difitéríà. Àwọn ìyá máa ń sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, a ò rí i mọ́." Kò lọ síbì kankan o. Májèlé kòkòrò gbọ̀fungbọ̀fun ni àjẹsára rẹ̀ ń bá jà, kì í lé kòkòrò fúnra rẹ̀ kúrò. Ó lè wà lọ́fun ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́, kí nǹkan kan má ṣe é, kó sì ti ibẹ̀ ràn ọmọ tí kò gbà. Bí àwọn tí kò gbà bá ti pọ̀ lójú kan, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́tì ń tú ká, tí ètò àjẹsára dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó kó o ní àwọn orílẹ̀-èdè yẹn láàrin 1990 sí 1998 lé ní 150,000, àgbàlagbà sì pọ̀ nínú wọn.

Awọ eérú kan máa ń bo ọ̀fun, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde bí a bá fẹ́ ha á, ọrùn sì lè wú. Oògùn tó ń pa májèlé náà, èyí tó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń rí mú. Èyí tó ti wọ inú ọkàn kò ṣe é fà yọ mọ́. Nítorí náà, dókítà tó bá ní òun ń dúró de èsì yàrá àyẹ̀wò kó tó fún un ti pẹ́ jù. Ọ̀fun lè ti jinná ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ọkàn wá dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìlà yẹn ṣe nínú ìtẹ̀jáde yín tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá ń dá èémí dúró, tàbí tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tí ẹnì kan sì ń húkọ́ nílé, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, bí kò tiẹ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì